Àtaré ímeèlì tó ń kú sójú ọ̀nà: SRS la máa mú ni, ARC, àbí méjèèjì?

Màmá akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìlàrè, nílùú Ifẹ̀ níbí, ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn wọn ò sì dùn rárá. "Ilé-ẹ̀kọ́ Iléṣà yẹn ní àwọn ti fi ìwé owó ránṣẹ́ sí mi láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn fi ránṣẹ́. Mi ò rí nǹkan kan o. Àbí ìwọ lo jẹ ẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà," mo ní. "Ẹ jẹ́ n wo inú sáfà ná."

Ẹgbẹ́ náà ní dòméènì tiwọn, tí màá pè ní `egbe.example` níbí. Ádírẹ́sì `akowe@egbe.example` kò ní àpótí tirẹ̀. Gbogbo ohun tó bá dé ibẹ̀, ńṣe ni sáfà ń ta á látaré sí Gmail màmá, torí orí fóònù ni wọ́n ti ń ka ohun gbogbo. Ó pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, èmi náà ò sì ronú kàn án mọ́.

Nígbà tí mo wo lọ́ọ̀gì, lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta la ta á látaré, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ni Gmail sì kọ̀ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo, `550-5.7.26`. Ìwé ìdápadà tó ń sọ pé lẹ́tà ò wọlé kò wá sọ́dọ̀ màmá, kò sì wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ akápò ilé-ẹ̀kọ́ ló gbà lọ. Akápò ṣí i, ó rí ádírẹ́sì Gmail kan tí kò mọ̀ rí nínú rẹ̀, ó rò pé iṣẹ́ àwọn ọmọ Yahoo ni, ó sì pa á rẹ́. Báyìí ni lẹ́tà ṣe ń sọnù tí gbogbo èèyàn sì ń bú ara wọn.

Orúkọ méjì ló wà lára lẹ́tà kan

Oògùn méjì ló wà fún irú àtaré bẹ́ẹ̀: SRS, tó ń pààrọ̀ orúkọ orí àpòòwé, àti ARC, tó ń lu òǹtẹ̀ ẹlẹ́rìí lé lẹ́tà. Kí á tó yan èyíkéyìí, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ń dùn ún. Gbogbo ímeèlì ló ní orúkọ olùránṣẹ́ méjì. Ọ̀kan wà lórí àpòòwé: òun ni sáfà kan máa ń sọ fún sáfà kejì tó bá kanlẹ̀kùn, `MAIL FROM` ni wọ́n ń pè é, bí lẹ́tà bá sì ti wọlé tán, ẹ ó rí i ní ìlà `Return-Path`. Ìkejì wà nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀, ní ìlà `From:`, èyí tójú màmá ń rí lórí fóònù. Àwọn méjèèjì lè jọra, wọ́n sì lè má jọra.

SPF kò wo inú lẹ́tà rárá. Orúkọ orí àpòòwé ló ń wò, pẹ̀lú nọ́ńbà IP sáfà tó gbé e dé. Ẹ fi wé ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì. Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ nọ́ńbà mọ́tò tó ń bá a gbé lẹ́tà sójú pátákó ìta gbangba, ìyẹn DNS:

```
ilewe.example.  TXT  "v=spf1 ip4:192.0.2.10 -all"
```

`-all` tó wà níparí yẹn ni pé, mọ́tò mìíràn kankan kì í ṣe tèmi, ẹ má gbà á. Nígbà tí lẹ́tà kúrò ní Iléṣà tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ifẹ̀, 192.0.2.10 ló gbé e wá. A yẹ̀ ẹ́ wò, ó yege. Ṣùgbọ́n a ò tọ́jú ẹ sílé. Sáfà tiwa, 198.51.100.25, ló tún gbé e lọ sí Gmail, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lórí àpòòwé bó ṣe wà. Ó dà bí ẹni gbé lẹ́tà láti Iléṣà, tó já a sí garáàjì Ifẹ̀, tí awakọ̀ mìíràn wá gbé e dé Ìbàdàn. Àpòòwé ò yí padà, mọ́tò ti yí. Ọlọ́dẹ Gmail wo pátákó, kò rí nọ́ńbà wa níbẹ̀. Kò ṣẹ̀ wá o, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Kódà ìwé ìlànà SPF fúnra rẹ̀, RFC 7208 tó jáde ní 2014, sọ̀rọ̀ nípa ìṣòro àtaré yìí. Kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe mọ ọ́n nìyẹn.

Kí ló wá dé tó fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Torí pé SPF tó kùnà nìkan kì í sábà lé lẹ́tà dànù láyé ìjọ́un. Láti oṣù Kejì 2024 ni Gmail ti fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ̀wé sí àwọn oníbàárà òun gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM tó yege, ó kéré tán ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ò ní DKIM. SPF nìkan ni wọ́n ní, àtaré tiwa ló sì bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan méjì yòókù ní ṣókí, torí a máa lò wọ́n. DKIM jẹ́ ìbuwọ́lù tí olùránṣẹ́ fi sínú lẹ́tà. Mọ́tò yòówù kó gbé e kò kàn án, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà àti àwọn ìlà orí rẹ̀ tí wọ́n buwọ́ lù. DMARC ní tirẹ̀ máa ń béèrè pé: orúkọ tí SPF tàbí DKIM jẹ́rìí sí, ṣé ó bá orúkọ tó wà ní `From:` mu? Bí kò bá sí èyí tó bá a mu nínú méjèèjì, DMARC kùnà, dòméènì tó ni orúkọ sì ti lè sọ tẹ́lẹ̀ pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ̀ ọ́ (`p=reject`) tàbí kí wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan (`p=quarantine`). Ẹ di ìbéèrè DMARC yìí mú dáadáa, torí ibẹ̀ ni SRS àti ARC ti pínyà.

Lẹ́tà mẹ́ta tí mo fi dán wọn wò

Mo kó lẹ́tà mẹ́ta jọ nínú èyí tí màmá ń gbà lóṣooṣù, torí ìṣòro wọn ò dọ́gba. Àkọ́kọ́ ni ti ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti sọ: ó ní SPF, kò ní DKIM, kò ní DMARC. Ìkejì ni ti ilé-ìfowópamọ́ wọn, `banki.example`, tó ní gbogbo ẹ̀, SPF, DKIM, DMARC pẹ̀lú `p=reject`. Ìkẹta ni ti oníṣòwò kan tó ń kó ìrẹsì àti òróró fún ẹgbẹ́, `olupese.example`. Ẹni tó bá wọn tò ó kọ SPF, ó kọ DMARC pẹ̀lú `p=reject`, ó wá gbàgbé DKIM pátápátá. Irú èyí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: èèyàn ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sílé, ó wá bọ́ síta.

Bí a bá kàn ta wọ́n látaré bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ti ilé-ìfowópamọ́ nìkan ló máa yè, torí ìbuwọ́lù DKIM rẹ̀ kò fọ́. SPF kùnà fún òun náà, ṣùgbọ́n DMARC rí DKIM tó bá `From:` mu, ó ní kó wọlé. Ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ti oníṣòwò, Gmail máa kọ méjèèjì, nọ́ńbà kan náà ló sì máa fún yín. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ dúró sórí nọ́ńbà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. Bó bá dárúkọ DMARC, ìṣòro kan nìyẹn. Bó bá ní olùránṣẹ́ ò fi ara rẹ̀ hàn, òmíràn ni.

SRS: pààrọ̀ orúkọ orí àpòòwé

Nǹkan kan ṣoṣo ni SRS ń ṣe. Kí sáfà tó ta lẹ́tà látaré, ó yọ orúkọ olùránṣẹ́ kúrò lórí àpòòwé, ó fi orúkọ dòméènì tiwa sí i, ṣùgbọ́n ó di orúkọ àtijọ́ pọ̀ mọ́ ọn kó má baà sọnù. Ohun tó wà lójú ìwé tẹ́lẹ̀ àti ohun tó dà rèé:

```
bursar@ilewe.example
SRS0=Hk7a=Q4=ilewe.example=bursar@egbe.example
```

Ẹ kà á láti ọ̀tún wá sí òsì. `egbe.example` ni tiwa, òun ni Gmail máa lọ wo pátákó rẹ̀ báyìí, a sì ti kọ 198.51.100.25 síbẹ̀. SPF yege. `bursar` àti `ilewe.example` ni olùránṣẹ́ gidi. `Q4` ni ọjọ́: lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì tàbí nọ́ńbà méjì tí a yàn nínú mejìlélọ́gbọ̀n, tó túmọ̀ sí pé ó lè ka ọjọ́ 1,024 kó tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. `Hk7a` ni àmì tí sáfà fi ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ ṣírò.

Kí la fẹ́ fi àmì àti ọjọ́ ṣe? Ìwé ìdápadà ni. Bí àpótí màmá bá kún, tí Gmail fẹ́ sọ fún olùránṣẹ́, àpòòwé ló máa wò, àpòòwé sì ń tọ́ka sí wa. Ìwé náà yóò padà wá sọ́dọ̀ wa, sáfà wa yóò tú orúkọ náà, yóò sì fi ṣọwọ́ sí akápò ní Iléṣà. Bí kò bá sí àmì àṣírí, ẹnikẹ́ni lè hùmọ̀ orúkọ `SRS0` kan kó fi sáfà wa ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, ká wá di ojú ọ̀nà àwọn onímàgòmágó. Ọjọ́ ni kò jẹ́ kí àmì tí ẹnì kan rí lónìí ṣiṣẹ́ títí ayé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, sáfà kì í gbà á mọ́. Bí lẹ́tà bá tún gba ọwọ́ atàtaré kejì tó ń lo SRS, `SRS1` lẹ ó rí, kí orúkọ má baà gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lórí Postfix, PostSRSd ni mo ń lò. Ìlà mẹ́rin ni, bó bá jẹ́ ẹ̀yà kejì rẹ̀ lẹ ní:

```
sender_canonical_maps = socketmap:unix:srs:forward
sender_canonical_classes = envelope_sender
recipient_canonical_maps = socketmap:unix:srs:reverse
recipient_canonical_classes = envelope_recipient, header_recipient
```

Ìlà kejì yẹn, ẹ má fojú di í. Èmi fojú di í. Mo kọ ìlà kìíní àti ìkẹta, mo ní ó tán, mo lọ sùn. Bí ẹ ò bá kọ `sender_canonical_classes`, Postfix kì í dúró lórí àpòòwé nìkan. Ó lè pààrọ̀ orúkọ inú `From:` náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá pè: "Ta ni ń jẹ́ SRS0? Ó ti kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí mi. Kí ló ń fẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nǹkan tó burú wà lábẹ́ ẹ̀rín yẹn: bí `From:` bá ti yí, ìbuwọ́lù DKIM ilé-ìfowópamọ́ fọ́ nìyẹn. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń wọlé dáadáa tẹ́lẹ̀ ni mo fọwọ́ ara mi bàjẹ́.

Nǹkan mìíràn tó máa yà yín lẹ́nu ni pé pẹ̀lú ìlà wọ̀nyí, àpòòwé lẹ́tà tó kàn wọlé sí àpótí abẹ́lé, tí a kò ta látaré rárá, náà máa ń yí padà, torí kí Postfix tó mọ ibi tí lẹ́tà ń lọ ló ti ń pààrọ̀ orúkọ. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ètò kan tó ń fi `Return-Path` yan lẹ́tà sí fódà, ó máa dàrú. Ẹ sì tọ́jú fáìlì àṣírí PostSRSd. Bí ẹ bá gbé sáfà kúrò lórí ẹ̀rọ kan sí òmíràn tí ẹ gbàgbé fáìlì yẹn, gbogbo ìwé ìdápadà tó bá ń bọ̀ fún lẹ́tà àtijọ́ ló máa di àjèjì sí yín.

Ẹ wá wo lẹ́tà mẹ́ta wa. Ti ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, torí kò ní DMARC, SPF tó yege sì ti tó fún Gmail. Ti ilé-ìfowópamọ́ wọlé bó ṣe ń wọlé. Ti oníṣòwò? Gmail kọ̀ ọ́ síbẹ̀. SPF yege lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tó jẹ́rìí sí ni `egbe.example`, `From:` sì ń sọ pé `olupese.example`. DMARC ní ẹ̀rí yìí ò bá mi lò. Ìyẹn ni òpin agbára SRS. Ó tún SPF ṣe, kò tún DMARC ṣe, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ó ń tún un ṣe kò tíì ka lọ́ọ̀gì rí.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń gbé SRS sórí kì í sọ: orúkọ yín ló wà lórí àpòòwé báyìí. Bí ìdọ̀tí bá wọ `akowe@egbe.example` tí ẹ sì ta á látaré, ẹ̀yin ni Gmail rí. Ẹ sẹ́ lẹ́tà kí ẹ tó ta á. Mi ò mọ ẹni tó ń ta gbogbo nǹkan látaré láìsẹ́ tí orúkọ dòméènì rẹ̀ kì í bàjẹ́ nígbẹ̀yìn.

ARC: òǹtẹ̀ ẹlẹ́rìí

ARC kò fọwọ́ kan àpòòwé. Ohun tó ń ṣe ni pé, nígbà tí lẹ́tà dé garáàjì Ifẹ̀, akọ̀wé garáàjì kọ ìwé pélébé kan mọ́ ọn: nígbà tí èyí dé ọ̀dọ̀ mi, mọ́tò tó tọ́ ló gbé e wá, mo fojú mi rí i. Ó wá lu òǹtẹ̀ lé e. Ìwé ìlànà rẹ̀ ni RFC 8617, tó jáde ní oṣù Keje 2019, wọ́n sì pè é ní ìdánwò, wọn ò tíì pè é ní òfin.

Ìlà mẹ́ta ló ń fi sórí lẹ́tà. Fún ti oníṣòwò, wọ́n rí báyìí (mo ti gé ìbuwọ́lù gígùn kúrò):

```
ARC-Seal: i=1; a=rsa-sha256; cv=none; d=egbe.example; s=arc1; b=...
ARC-Message-Signature: i=1; a=rsa-sha256; d=egbe.example; s=arc1;
  h=from:to:subject:date; bh=...; b=...
ARC-Authentication-Results: i=1; mx.egbe.example;
  spf=pass smtp.mailfrom=olupese.example;
  dmarc=pass header.from=olupese.example
```

Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ẹ̀rí gan-an: a yẹ̀ ẹ́ wò, SPF yege, DMARC yege. Èyí àárín jẹ́ ìbuwọ́lù lórí lẹ́tà bó ṣe rí nígbà tó kúrò lọ́wọ́ wa. Èyí òkè ni òǹtẹ̀ tó de gbogbo ìlà ARC pọ̀. `i=1` túmọ̀ sí pé àwa la kọ́kọ́ lu òǹtẹ̀. Atàtaré tó bá tẹ̀lé wa á kọ `i=2`, ó lè tó 50. `cv=none` sọ pé kò sí òǹtẹ̀ kankan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni kejì á kọ `cv=pass` bí tiwa bá ṣì dúró dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ ìta gbangba rẹ̀ wà nínú DNS ní `arc1._domainkey.egbe.example`, gẹ́gẹ́ bí ti DKIM.

Ibi tí ARC ti wúlò jù ni ibi tí atàtaré ti ń fọwọ́ kan lẹ́tà. Ẹgbẹ́ kan ní Mọ̀ọ̀rẹ̀ ní kí n máa fi ìlà kan sísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà, pé "ìta ni lẹ́tà yìí ti wá, ẹ ṣọ́ra". Ìlà kan péré, ó fọ́ gbogbo DKIM tó ń kọjá lọ́dọ̀ wọn. SRS ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀. ARC lè ràn wọ́n lọ́wọ́, torí ó jẹ́rìí pé DKIM pé nígbà tó dé, kí á tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ètò iṣẹ́ o: ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wá fi ìlà yín sí i, òǹtẹ̀ ló máa kẹ́yìn. Bí ẹ bá lu òǹtẹ̀ tán kí ẹ tó fi ìlà kún un, òǹtẹ̀ tiyín gan-an lẹ fọ́, ohun tí ẹni tó gbà á sì máa rí ni `arc=fail`.

Wàyí o, ẹ̀gbẹ́ kejì ARC. Ẹ̀rí kì í ju ẹlẹ́rìí lọ. Onímàgòmágó náà lè ra dòméènì, kó lu òǹtẹ̀, kó kọ ọ́ pé òun fojú òun rí i pé SPF yege. Òǹtẹ̀ rẹ̀ á pé. Irọ́ ni ohun tó kọ. Nítorí náà `arc=pass` kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kó gba lẹ́tà. Ẹni tó gbà á ló máa pinnu bóyá òun fọkàn tán ẹni tó lu òǹtẹ̀. Ní Microsoft 365, ẹni tó ń bójú tó o lè kọ orúkọ dòméènì tiyín sínú àkọsílẹ̀ àwọn tó fọkàn tán (`Trusted ARC sealers`), ọ̀rọ̀ parí. Gmail kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ fún àpótí ọ̀fẹ́ bíi ti màmá. Òun ló ń dá a mọ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè bẹ̀ ẹ́. Dòméènì kékeré tó ń ta lẹ́tà ogún látaré lójúmọ́, orúkọ rẹ̀ lè má tíì wúwo tó.

Ohun kejì ni èyí tí mo rí tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò. Inú lẹ́tà ni ARC ń gbé. Sáfà kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti rí `-all` tó kùnà nígbà `MAIL FROM`, ó ti tilẹ̀kùn. Kò tíì ṣí lẹ́tà. Ọlọ́dẹ lé awakọ̀ padà lẹ́nu géètì, ìwé pélébé tó wà nínú àpò ò sì rẹ́ni kà á. Níbẹ̀ yẹn, SRS nìkan ló lè mú un wọlé.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Lẹ́tà | Àtaré lásán | SRS nìkan | ARC nìkan | Méjèèjì |
|---|---|---|---|---|
| Ilé-ẹ̀kọ́ (SPF nìkan) | Gmail kọ̀ ọ́ | ó wọlé | ọwọ́ Gmail ló wà | ó wọlé |
| Ilé-ìfowópamọ́ (ohun gbogbo) | ó wọlé, àfi níbi tí wọ́n ti ń lé `-all` lẹ́nu géètì | ó wọlé | bíi ti àtaré lásán | ó wọlé |
| Oníṣòwò (`p=reject`, kò sí DKIM) | Gmail kọ̀ ọ́ | Gmail kọ̀ ọ́ | ọwọ́ Gmail ló wà | ọwọ́ Gmail ló wà |
| Èyíkéyìí tó ní `p=reject` tí a fi ìlà kún | Gmail kọ̀ ọ́ | Gmail kọ̀ ọ́ | ọwọ́ Gmail ló wà | ọwọ́ Gmail ló wà |

Bí ẹ bá ń ta lẹ́tà látaré láìfọwọ́ kàn án, tí ẹ kò sì ní àkókò púpọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SRS. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, kò gbára lé ọkàn ẹnikẹ́ni, bó bá sì ti yege, ó yege. Èyí ni mo kọ́kọ́ ṣe fún màmá, ìwé owó Iléṣà sì wọlé ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Bí ẹ bá ń fi ohunkóhun kún lẹ́tà, tàbí tí ẹni tó ń gbà á bá wà ní Microsoft 365 tí ẹ lè bá ẹni tó ń bójú tó o sọ̀rọ̀, ẹ fi ARC kún un. Rspamd tó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa lò fún sísẹ́ lẹ́tà ti ní ARC nínú, ẹ ò nílò ẹ̀rọ mìíràn. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti lo ARC nìkan láìsí SRS. Mi ò tíì rí ibi tó ti pé èèyàn. Àmọ́ bí ìlà tí ẹ ń fi kún lẹ́tà kò bá pọn dandan, ẹ yọ ọ́ kúrò dípò kí ẹ máa wá òǹtẹ̀ tí yóò tún un ṣe. Ẹgbẹ́ Mọ̀ọ̀rẹ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì la fi jà kí wọ́n tó gbà.

Ọ̀nà kẹta wà tí kò sí nínú tábìlì: ẹ má ta lẹ́tà látaré rárá. Ẹ ṣe àpótí fún `akowe@egbe.example` lórí sáfà yín, kí màmá fi áàpù fóònù wọn kà á nípasẹ̀ IMAP. Gbogbo wàhálà òkè yìí parí síbẹ̀. Mo dábàá rẹ̀. Màmá ní àwọn ò lè máa rántí pásíwọ́ọ̀dù méjì.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbà

Ẹ má dán an wò láti inú dòméènì ara yín, torí SRS kì í fọwọ́ kan orúkọ tó jẹ́ tiyín, kò sì ní fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ kọ lẹ́tà láti ìta, kó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ẹ ṣí i nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ `Show original`. Ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Authentication-Results: mx.google.com`. Ní `spf=pass`, ẹ wo `smtp.mailfrom`: ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `SRS0=`. Bó bá ṣì jẹ́ orúkọ olùránṣẹ́, SRS kò ṣiṣẹ́. Ẹ wo `From:`, ó gbọ́dọ̀ wà bí olùránṣẹ́ ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá ti fi ARC sí i, ẹ ó rí `arc=pass (i=1 ...)`. Lẹ́yìn náà, ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ádírẹ́sì àtaré tó ń lọ sí Gmail tí kò sí láyé, kí ẹ wò bóyá ìwé ìdápadà padà dé ọ̀dọ̀ yín níta. Ìdajì àwọn tó gbé SRS kalẹ̀ ni mo lérò pé wọn kì í dán apá yìí wò, apá yìí ló sì fa gbogbo ìjà màmá àti akápò.

Ní ti oníṣòwò, lẹ́yìn tí mo fi ARC kún SRS, lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ wọ `Spam`, ìkejì wọlé tààrà, ìkẹta tún wọ `Spam`. Mo fóònù ọmọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú dòméènì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan DKIM, ẹ ti ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ níbi tí ẹ ti ń sanwó ímeèlì yín, ẹ kàn gbé e sínú DNS ni." Ó ní òun rò pé DMARC ti tó. Ọjọ́ kejì ló gbé e sí i, láti ìgbà yẹn DMARC ń yege fúnra rẹ̀ láìnílò òǹtẹ̀ wa. Màmá ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n bi mí nígbà tí wọ́n rí ìwé oníṣòwò ni bóyá ìrẹsì ti tún gbówó lórí lóòótọ́, àbí sáfà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.